Wọ́n ní Fúráìdé làwọn máa fèsì: kí ni kí n ṣe títí dìgbà yẹn?

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Télọ̀ ni mí ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo fi pùròpósà yunifọ́ọ̀mù 320 ránṣẹ́ sí ilé ìwé àdáni kan ní 22 Júláì, wọ́n máa wọlé ní Mọ́ńdè 15 Sẹ̀tẹ́ńbà, máṣíìnì mẹ́rin la sì ní. Bọ́sà wọn ní àwọn máa fún mi lésì ní Fúráìdé 8 Ọ́gọ́ọ̀sì. Òní ti di 31 Júláì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé ebi iṣẹ́ ń pa mí, ṣùgbọ́n mo nílò iṣẹ́ yìí gan-an. Báwo ni kí n ṣe béèrè?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Lónìí yìí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, má pe ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló dá ọjọ́, ọjọ́ yẹn ò sì tíì pé, ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ. Tó o bá pè wọ́n báyìí, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé o ò gbà wọ́n gbọ́, àbí pé o ò lè dúró. Iṣẹ́ kan wà tó o lè ṣe lónìí tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ ju ìpè lọ, bébà kan àti bírò ló gbà.

Kọ ọjọ́ tí wọ́n máa wọlé sílẹ̀, kó o wá máa ka iṣẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn. Mọ́ńdè 15 Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n ń wọlé, torí náà Fúráìdé 12 ló yẹ kí gbogbo aṣọ ti wà lọ́wọ́ wọn, kí àwọn òbí lè rí i gbà. Máṣíìnì mẹ́rin lo ní. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti gé aṣọ sílẹ̀, tí télọ̀ kan ń parí aṣọ ọmọ mẹ́rin lójúmọ́ (tíẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín, lo iye tìẹ gangan, má lo iye ọjọ́ tí ara yá), 16 lẹ máa rí lójúmọ́, 320 á wá gba ọjọ́ 20. Ọjọ́ mẹ́ta fún lílọ ra aṣọ ní Gbàgì n'Ìbàdàn àti fún gígé. Ọjọ́ méjì fún ojú bọ́tìnnì, lílọ̀ àti kíkó sínú ọ̀rá. Fi ọjọ́ méjì sí i fún òjò àti iná, torí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ò ṣeé fọkàn tán, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan péré, aṣọ 16 ló lọ yẹn. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 27. Yọ Sọ́ńdè kúrò, máa ka ọjọ́ lọ sẹ́yìn láti 12 Sẹ̀tẹ́ńbà, wàá bá ara ẹ ní Wẹ́sìdé 13 Ọ́gọ́ọ̀sì. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kó o wọ mọ́tò Ìbàdàn, ìyẹn ni pé kó tó di ìrọ̀lẹ́ Túsìdé 12 ó yẹ kí owó àsansílẹ̀ ti wọlé.

Ṣó o rí i báyìí? Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tiwọn nìkan lo ní, ìyẹn Fúráìdé 8. Báyìí o ti ní ọjọ́ tìẹ náà, Túsìdé 12, kì í sì í ṣe ìwọ lo dá a, iṣẹ́ gan-an ló dá a. Èèyàn tó ń béèrè pé "ṣé ẹ ti gbà fún mi?" ń tọrọ nǹkan. Èèyàn tó ń sọ pé "tá a bá bẹ̀rẹ̀ ní 13, àwọn ọmọ á rí aṣọ wọ̀ ní 15 Sẹ̀tẹ́ńbà" ń bá wọn ṣètò ilé ìwé wọn ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnì kan náà ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn ti yàtọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ọjọ́ yẹn jẹ́ òótọ́. Mo mọ àwọn tó máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ọjọ́ mẹ́ta péré ni owó yìí wà fún", tí oníbàárà á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á ṣì gba iye yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ọjọ́ tó o máa dá tí wọ́n máa kà sí mọ́.

Èyí tó o máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, Túsìdé 5 Ọ́gọ́ọ̀sì ni kó jẹ́. Mi ò fẹ́ Mọ́ńdè torí gbogbo ìyọnu tí òpin ọ̀sẹ̀ kó jọ, orí bọ́sà ló ń jókòó sí láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mi ò sì fẹ́ Tọ́sìdé, torí tí ìbéèrè kan bá wà tí onílé ìwé, màámì tí bọ́sà ń ṣiṣẹ́ fún, fẹ́ béèrè, kò ní sí àyè láti béèrè ẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó jókòó ṣèpàdé ní Fúráìdé. Ṣùgbọ́n má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Láàárín òní sí Mọ́ńdè, rán yunifọ́ọ̀mù kan, ẹyọ kan péré, pẹ̀lú aṣọ tó o fẹ́ lò gan-an, kó o fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó o sì lọ̀ ọ́. Kó o tó rán an, gé èérún aṣọ náà ní sẹ̀ǹtímítà 50 níbùú lóròó, fọ òun náà mọ́ ọn, kó o tún un wọ̀n. Tó bá di 49, o mọ̀ pé ó ń súnkì ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, wàá sì fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó o bá ń gé e. Lọ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì bọ́sà láàárọ̀ Túsìdé, kí i, fi sílẹ̀, máa lọ. Má jókòó, má béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, kó o wá fi èyí ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lórí yunifọ́ọ̀mù 320 tí mo kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 22 Júláì ni. Mo ti fi ẹyọ kan tá a ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí màámì lè fọwọ́ kàn án kí ẹ tó jókòó ní Fúráìdé. Tá a bá bẹ̀rẹ̀ ní Wẹ́sìdé 13 Ọ́gọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ á délé ní 12 Sẹ̀tẹ́ńbà. Ǹjẹ́ ohun kan wà tí màámì fẹ́ mọ̀ tí kò sí nínú ìwé náà?"

Wo ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, òun ni mo fẹ́ kó o di mú jù lọ nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ. Bọ́sà kọ́ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé ìwé ni. Tó o bá bi bọ́sà pé "ṣé ẹ ti gbà?", o bi í ní ohun tí kò lágbára láti dáhùn, kò sí nǹkan míì tó lè sọ ju "a ṣì ń wò ó" lọ. Tó o bá tún bi í lọ́jọ́ kejì, ó tún di dandan kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, inú ẹ̀ ò ní dùn torí ó ń dà bíi pé ò ń fi hàn án pé kò tó nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "ǹjẹ́ ohun kan wà tí màámì fẹ́ mọ̀?" jẹ́ ohun tó lè dáhùn láìbi ẹnikẹ́ni. Ó lè ní "màámì ń béèrè bóyá bọ́tìnnì ò ní já," ó lè ní "wọ́n ní owó àsansílẹ̀ yẹn pọ̀." Ìgbà yẹn lo wá mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ bi èèyàn ní nǹkan lẹ́yìn pùròpósà, kọ́kọ́ bi ara ẹ pé ṣé ẹni tí mò ń bi yìí lè dáhùn ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìkíni náà, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Kíkí àgbà kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Kí bọ́sà bó ṣe yẹ kó o kí i, "ẹ kú iṣẹ́ mà" ò bu ẹnikẹ́ni kù. Èyí tó ń bu èèyàn kù ni "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, ẹ ṣàánú mi, Ọlọ́run á ṣe tiyín náà." Ilé ìwé tó fẹ́ kó owó ńlá fún ẹ ò wá ẹni tí wọ́n máa ṣàánú, ẹni tí aṣọ ò ní bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni "ẹ káàárọ̀ mà" lójoojúmọ́ láìsí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, àwọn àdúrà aláwòrán òdòdó tí à ń fi ránṣẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé wa. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí ìyẹn ń wá.

Èmi alára ti ṣe é rí o. Kọ́tìnì òtẹ́ẹ̀lì kan ni, yàrá 24, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé mo ti pe màníjà lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà mo fi nọ́ńbà àbúrò mi pè é torí kò gbé tèmi. Ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rọra béèrè pé "Màámì, ṣé kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ yín báyìí ni?" Kò bú mi, ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló béèrè: tí obìnrin yìí bá mọṣẹ́, kí ló dé tó ráyè tó báyìí? Mo tún wá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà dín owó kù lójú ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí n dín in. Iṣẹ́ yẹn ò bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó sì dùn mí fún ọjọ́ pípẹ́ torí mo mọ̀ pé ẹnu mi ló lé e lọ.

Torí náà má dín owó fúnra ẹ. Tí wọn ò bá béèrè, tó o dín in, wọ́n á rò pé o ti fowó lé e níbẹ̀rẹ̀ ni. Tí àwọn bá wá béèrè, ohun tó o máa dín náà ni kó o fi hàn wọ́n, bíi kó o yọ báàjì orí àpò kúrò, tàbí kí àwọn wá kó aṣọ fúnra wọn.

Fúráìdé 8 gan-an, dákẹ́. Mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn á gùn fún ẹ. Ṣùgbọ́n tiwọn ni ọjọ́ yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó sì lè jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa jókòó. Tó o bá pàdé onílé ìwé níbi ìsìn tàbí níbi ìkómọ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, ìlú wa ò kúkú tóbi, kí i tọ̀yàyà tọ̀yàyà, béèrè ilé àtọmọ, má sọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, òun á sọ ọ́. Má sì rán ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹnì kan sí i pé kó bá ẹ sọ̀rọ̀.

Mọ́ńdè 11, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá tó bá dà bíi pé wọ́n ti jókòó ti iṣẹ́ dáadáa, tí wọn ò bá tíì sọ nǹkan kan, kọ èyí sí bọ́sà:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Fúráìdé tí ẹ dá fún mi ti kọjá, mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yunifọ́ọ̀mù dé, kí n lè to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Èwo ló sún mọ́ ọn jù: ẹ ti gbà, ẹ ṣì ń dúró de màámì, àbí ẹ ti mú ẹlòmíì? Èyíkéyìí nínú ẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ kan ti tó mà."

Ẹ̀rù á bà ẹ́ láti kọ "ẹ ti mú ẹlòmíì" síbẹ̀, bíi pé ìwọ lò ń fi iṣẹ́ yẹn lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Rárá o. Lọ́dọ̀ wa níbí, ojú máa ń ti èèyàn láti sọ fún ẹni tó mọ̀ pé a ò mú ẹ, torí náà dípò kí wọ́n sọ ọ́ wọ́n á dákẹ́, ìwọ náà á máa dúró, aṣọ ẹlòmíì á sì máa kọjá lọ lójú ẹ. Tó o bá ti ṣílẹ̀kùn yẹn fún wọn, wàá gbọ́ òótọ́. Èyí tó tún wá ṣe mí ní kàyéfì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ni pé púpọ̀ nínú wọn tí mo rò pé wọ́n ti mú ẹlòmíì, ńṣe ni wọ́n kàn ń dúró de ẹnì kan tó rìnrìn àjò.

Tí tíìkì búlúù bá ti wọlé tí kò sí èsì, má ka ìyẹn sí nǹkan kan, bọ́sà lè ti kà á nínú ọkọ̀. Túsìdé 12 ni kó o pè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní nǹkan bí aago méjìlá. Jẹ́ kó dún títí tó máa fi kú fúnra ẹ̀, tí kò bá gbé e, má pè mọ́ lọ́jọ́ yẹn, má fi nọ́ńbà míì pè é, o ti gbọ́ tèmi. Tó bá gbé e: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mi ò ní pẹ́. Ọ̀la 13 ni ọjọ́ tó yẹ kí n lọ ra aṣọ kí 320 yẹn lè pé kí ẹ tó wọlé. Ṣé kí n ṣì fi àyè yín sílẹ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn, dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo ẹ̀, jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Tó bá ní "a ṣì ń wò ó," ìdáhùn ẹ ni "Ó dáa mà. Ọjọ́ wo ni kí n padà béèrè?" Ẹni tó ń gbèrò láti ṣe nǹkan á dárúkọ ọjọ́ kan, kódà tí ọjọ́ náà bá jìnnà. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tuntun yẹn ló kù, má béèrè kó tó pé. Ẹni tó bá ní "ẹ ṣáà máa retí wa" láìdá ọjọ́, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lọ wá iṣẹ́ míì sórí máṣíìnì ẹ. Tó bá jẹ́ owó àsansílẹ̀ ni wọ́n ń béèrè lemọ́lemọ́, ìyẹn yàtọ̀, wọ́n fẹ́ iṣẹ́ ẹ ṣùgbọ́n owó ò tíì sí nílẹ̀, torí ìgbà tí ọmọ bá wọlé ni owó ilé ìwé máa ń wọlé. Ká ní 9,500 náírà lo fi aṣọ kan sí, 3,040,000 ni gbogbo ẹ̀, tó o sì ní kí wọ́n san ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, 1,824,000 nìyẹn. Tí aṣọ, òwú àti bọ́tìnnì ọmọ kan bá jẹ́ 4,000, 1,280,000 lo nílò láti dé Gbàgì. Sọ fún wọn pé kí wọ́n san ìyẹn kó o lè bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n san ìyókù àsansílẹ̀ nígbà tí 160 bá jáde. O ò dín kọ́bọ̀ kan, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà san án lo kàn yí padà.

Tí ọjọ́ 12 bá wá kọjá ńkọ́? Má halẹ̀. Ìṣirò yẹn náà ló máa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n bá fi pẹ́, aṣọ 16 ni. Ká ní Mọ́ńdè 18 ni wọ́n tó gbà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ti lọ, ìyẹn aṣọ 64. Kọ ọ́ sí wọn bẹ́ẹ̀: "Tá a bá bẹ̀rẹ̀ ní 18, 256 á wà nílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, màá kọ́kọ́ ṣe tàwọn ọmọ tuntun torí àwọn ni kò ní ti tẹ́lẹ̀, 64 tó kù á tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́." Ọ̀nà àbáyọ nìyẹn, wọ́n lè gbé e lọ bá màámì lójú ẹsẹ̀. Má ṣèlérí 320 mọ́ torí ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́. Ilé ìwé tí ọmọ ẹ̀ wọlé láìsí yunifọ́ọ̀mù á sọ orúkọ ẹ fún gbogbo ilé ìwé láti Tákíé dé Sábó.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un nítorí àwọn míì tó máa kà á: ilé ìwé àdáni ni gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà fún. Tó bá jẹ́ téńdà ìjọba, tó wà lábẹ́ òfin ríra nǹkan ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2007, má pe ẹnikẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, má sì fi ọ̀rọ̀ owó tuntun ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ìwé téńdà náà. Àwọn lè béèrè àlàyé lọ́wọ́ ẹ, wàá dáhùn ìyẹn nìkan, ṣùgbọ́n òfin ò gbà kí owó yí padà níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, nínú èsì kan náà tó o fi ń dúpẹ́, béèrè lísìtì sáìsì àwọn ọmọ, kíláàsì dé kíláàsì, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa fún ẹ. Owó lè wọlé ní 12 tán kí lísìtì má dé títí di 20, o ò sì lè gé aṣọ ọmọ tí o ò mọ bó ṣe ga tó.